Ínfọ́ìsì tí fáàtì rẹ̀ kò tọ́: ẹ gbé bírò yín sílẹ̀ ná

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù káfíntà ni èmi àti ọkọ mi ní l'Óṣogbo, èmi ni mo sì ń tọ́jú ìwé. Lóṣù tó kọjá a ra pláíwúùdù 60 lọ́wọ́ ẹni tó ń tà fún wa n'Íbàdàn, ₦20,000 ni ẹyọ kan, wọ́n sì ṣe ẹ̀dínwó ìdá 5 nínú 100 fún wa. Ínfọ́ìsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ gbé fáàtì ní ₦90,000, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ₦1,230,000. A ò tíì sanwó. Lójú tèmi, fáàtì yẹn ti pọ̀ jù. Ọmọ tó ń bá wọn tajà ní kí n fi bírò fa igi sí i, kí n kọ iye tó tọ́ sókè, kí n san ìyẹn. Ṣé kò ní dá wàhálà sílẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa bèèrè èyí tó tọ́, nígbà tí ọjọ́ 21 tí fọ́ọ̀mù fáàtì wa gbọ́dọ̀ wọlé ti ń sún mọ́lé?*

Ẹ má fi bírò kàn án rárá. Lóòótọ́ ni fáàtì yẹn pọ̀ jù, ₦4,500 ni wọ́n fi lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀dà méjì ni ínfọ́ìsì yẹn ní. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín, èkejì wà nínú ìwé ẹni tó tà á. Bí ẹ bá fa igi sí tiyín, tiwọn ò yí padà. Lọ́dọ̀ wọn, ₦1,230,000 lẹ jẹ, ₦90,000 sì ni fáàtì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá wá san ₦1,225,500, orúkọ yín á máa wà nínú ìwé onígbèsè wọn fún ₦4,500, àfi ọjọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ gbọjà làwìn ni ẹ máa tó gbọ́ nípa rẹ̀. Ọmọ tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kò ní ibi kankan lọ́kàn o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tajà, kì í ṣe òun ló ń kọ ìwé owó-orí.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sí wọn, ẹ kọ́kọ́ wádìí bí wọ́n ṣe dé ₦90,000. Ọ̀nà ìwádìí náà kò le. Ẹ mú iye fáàtì tí wọ́n kọ, ẹ fi 7.5, ìyẹn ìdá fáàtì nínú 100, pín in, kí ẹ wá fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni iye owó tí wọ́n fojú sí nígbà tí wọ́n ń ṣírò. Ti yín nìyí:

```
90,000 ÷ 7.5 × 100 = 1,200,000
```

Pláíwúùdù 60 ní ₦20,000 ìkọ̀ọ̀kan, ₦1,200,000 gan-an nìyẹn. Ó ti hàn báyìí pé kí wọ́n tó yọ ẹ̀dínwó ni wọ́n ti ṣírò fáàtì. Wọ́n yọ ₦60,000 lórí ọjà, ṣùgbọ́n wọn ò yọ ọ́ lórí owó-orí. Fáàtì kì í wà lórí iye tí ọjà ìbá jẹ́, orí iye tí ẹni tó rà á máa san fún un ló wà. Ohun tí ẹ máa san fún ọjà yìí jẹ́ ₦1,140,000, nítorí náà:

```
1,140,000 × 7.5 ÷ 100 = 85,500
1,140,000 + 85,500   = 1,225,500
```

Mo ní kí ẹ ṣe ìwádìí yìí kí ẹ tó ránṣẹ́ nítorí pé èsì rẹ̀ lè jẹ́ ohun mìíràn, kálukú wọn ló sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iye tó jáde ju iye ọjà lọ pẹ̀lú owó mọ́tò tí wọ́n fi gbé e wá, tí owó mọ́tò náà sì wà lórí ínfọ́ìsì wọn, ó ṣeé ṣe kí àwọn ló tọ̀nà, torí pé ara ohun tí wọ́n tà fún yín ni. Ti awakọ̀ tí ẹ fúnra yín háyà, tí ẹ sanwó fún lọ́wọ́, kò sí nínú ìṣirò wọn rárá. Bí ó bá sì jẹ́ pé àròpọ̀ gbogbo owó, pẹ̀lú fáàtì nínú, ni èsì náà bá mu, a jẹ́ pé orí owó-orí ni wọ́n tún ti gba owó-orí. Mo máa ń rí èyí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọjà ní iye tí fáàtì ti wà nínú rẹ̀. Ẹ ní ọjà kan jẹ́ ₦1,075,000, fáàtì ti wà nínú rẹ̀. Fáàtì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ₦75,000, torí ńṣe là á fi 107.5 pín owó náà, tí a óò wá fi 7.5 sọ ọ́ di púpọ̀. Akọ̀wé tó bá gba ìdá 7.5 lórí odindi ₦1,075,000 máa kọ ₦80,625, ó sì ti gba ₦5,625 ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà mìíràn, àròpọ̀ ìsàlẹ̀ kò ní yí padà, kìkì bí wọ́n ṣe pín in sí ọjà àti fáàtì ló máa ṣì. Ẹni tó rà á á ní ṣebí iye kan náà ni òun san. Bẹ́ẹ̀ fáàtì tó fẹ́ gbà padà níbẹ̀, ìyẹn èyí tó máa yọ nínú fáàtì tí òun náà gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀, kò bá òfin mu mọ́.

Ohun kan wà tó lè dá àwọn ará Ìbàdàn láre, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀dínwó yẹn, àbí wọ́n ní tí ẹ bá sanwó láàárín ọjọ́ kan báyìí ni? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dínwó tí ẹ ò tíì jẹ, tó dúró de ìgbà tí ẹ bá sanwó kíákíá tàbí tí ẹ bá ra iye kan pé láàárín ọdún, kò burú bí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣírò fáàtì lórí odindi owó. Ọjọ́ tí ẹ̀dínwó bá wá di tiyín ni wọ́n máa kọ ìwé tó dín ọjà kù, tó sì dín fáàtì kù pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí ẹ kọ, ₦1,140,000 àti ₦90,000 ló para pọ̀ di ₦1,230,000. Wọ́n ti yọ ẹ̀dínwó lójú ìwé náà, kò dúró de nǹkan kan. Ẹ̀bi tiwọn ni, ẹ sì lè fi ìgboyà bèèrè.

Kí ni kí ẹ bèèrè? Ẹni tí kò bá mọ̀ á sọ pé "ẹ bá mi ṣe ínfọ́ìsì mìíràn". Wọ́n á ṣe é lóòótọ́, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà tuntun, wọ́n á fi ránṣẹ́, ti àkọ́kọ́ á sì tún wà láàyè nínú ìwé wọn. Ó ti di pé ẹ ra pláíwúùdù 120 nìyẹn. Mo ti rí ibi tí olùṣàyẹ̀wò ìwé ti bá ínfọ́ìsì méjì fún ọjà kan ṣoṣo nínú fáìlì, tí ilé-iṣẹ́ náà sì ti gba fáàtì rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Kò dùn ún ṣàlàyé fún ẹni tó jókòó síwájú ẹni pẹ̀lú gègé. Nítorí náà, ìwé méjì ni kí ẹ bèèrè pọ̀: kírẹ́díìtì nóòtì tó máa pa ínfọ́ìsì àkọ́kọ́ rẹ́, àti ínfọ́ìsì tuntun tó ní iye tó tọ́.

Ọ̀nà kan tó kúrú ju èyí lọ wà, tí wọ́n lè dábàá fún yín: kí wọ́n kọ kírẹ́díìtì nóòtì fún ₦4,500 nìkan, kí ínfọ́ìsì àkọ́kọ́ dúró bó ṣe wà. Kò lòdì. Bí ìwé náà bá sọ ní kedere pé fáàtì ni ₦4,500 náà, tó sì dárúkọ ínfọ́ìsì tó ń ṣàtúnṣe sí, ìwé méjèèjì pọ̀ á fún yín ní ₦85,500. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú ìwé owó kì í jẹ́ kí wọ́n kọ fáàtì láìsí iye ọjà lábẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé á wá tẹ ₦4,500 síbi iye ọjà, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ fi ìdá 7.5 kún un, ìwé náà á sì jáde ní ₦4,837.50. Ọjà ló dín kù níbẹ̀ ní ₦4,500, ₦337.50 péré ló dín kù nínú fáàtì. Aṣọ tí ẹ fẹ́ rán ti tún ya níbòmíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí wọ́n pa odindi rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò tiẹ̀ ní àyè yíyàn nínú ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Láti 2025 ni àjọ agbowó-orí ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí àwọn tí ọjà wọn tó bílíọ̀nù 5 náírà lọ́dún máa fi ínfọ́ìsì gba orí ẹ̀rọ àjọ náà kọjá. Bí ínfọ́ìsì tó wà lọ́wọ́ yín bá ní àwòrán aláàmì dúdú-funfun tí fóònù ń kà, pẹ̀lú nọ́ńbà gígùn tí wọ́n kọ `IRN` sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, àjọ ti ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ pàápàá ò lè ṣí i padà kó tún un ṣe, àfi kó fi kírẹ́díìtì nóòtì tó dárúkọ ti àkọ́kọ́ yí i padà. Ní irú ibẹ̀, igi bírò yín kò jẹ́ nǹkan kan rárá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọ iṣẹ́ tí ẹ máa rán. Ẹ má fi rán ọmọ tó ń tajà, ẹ gba nọ́ńbà akáúńtáǹtì wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ínfọ́ìsì náà tó hàn kedere, kí ẹ fi lé e. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ kí wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà wà ní àkọsílẹ̀, ìbáà jẹ́ lórí wáásáàpù, torí àkọsílẹ̀ yẹn lẹ máa fi hàn bí ìwé kò bá tètè dé. Báyìí ni èmi ìbá ṣe kọ ọ́:

> Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Lórí ínfọ́ìsì yín nọ́ńbà báyìí-báyìí, ti ọjọ́ báyìí-báyìí, fún pláíwúùdù 60. Iye ọjà lẹ́yìn ẹ̀dínwó jẹ́ ₦1,140,000, ṣùgbọ́n orí ₦1,200,000, kí ẹ tó yọ ẹ̀dínwó, ni ẹ ti ṣírò fáàtì, ó fi jẹ́ ₦90,000. Lórí ₦1,140,000, ₦85,500 ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi kírẹ́díìtì nóòtì pa ínfọ́ìsì yìí rẹ́ ní odindi rẹ̀, ₦1,230,000, kí ẹ sì kọ tuntun ní ₦1,225,500, pẹ̀lú iye ọjà àti ẹ̀dínwó kan náà. Kí ìwé méjèèjì jọ̀wọ́ dárúkọ nọ́ńbà ínfọ́ìsì àkọ́kọ́. Ọjọ́ 21 ni fọ́ọ̀mù fáàtì wa gbọ́dọ̀ wọlé, ẹ bá wa jẹ́ kó dé kó tó di ọjọ́ 18. Bó bá ti dé, a máa san owó rẹ̀ pé.

Ẹ rí i pé kò sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀, kò sì sí ìhàlẹ̀. Ẹ ti bá wọn ṣe ìṣirò náà tán, kò kù ju kí wọ́n wò ó kí wọ́n sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ló sì máa jẹ́ kí wọ́n yára. Ẹni tí kò tíì gba owó rẹ̀ máa ń rí àyè kọ ìwé. Ó dáa tí ẹ ò tíì sanwó. Bí wọ́n bá ní àwọn nílò owó kí ìwé tó dé, ẹ lè san ₦1,225,500, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ sínú iṣẹ́ yẹn náà pé iye tó tọ́ lẹ san, pé ₦4,500 tó kù ń dúró de kírẹ́díìtì nóòtì, kó má bàa dà bí ẹni pé ẹ jẹ gbèsè. Ẹni tó bá ti san odindi ₦1,230,000 ní tirẹ̀ á ní kí wọ́n dá ₦4,500 padà, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sí orúkọ rẹ̀ kó lè yọ ọ́ nínú ọjà tó kàn.

Wọ́n lè sọ fún yín pé àwọn ti san fáàtì oṣù yẹn fún ìjọba, pé ọ̀rọ̀ ti kọjá. Kò tíì kọjá. Kírẹ́díìtì nóòtì tí wọ́n bá kọ lóṣù yìí máa dín fáàtì tí wọ́n máa san fún ọjà oṣù yìí kù. Wọn ò pàdánù kọ́bọ̀ kan. Bí wọn ò bá sì kọ ọ́ ńkọ́, ₦90,000 ni wọ́n máa san fún ìjọba, torí ohun tí ènìyàn bá ti kọ sórí ínfọ́ìsì gẹ́gẹ́ bí fáàtì, àjọ á béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe pé ó ṣì í kọ. Bí ẹ bá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé èyí fún akáúńtáǹtì wọn, òun fúnra rẹ̀ ló máa sáré ṣe é.

Nígbà tí ìwé bá wá dé, ẹ má kàn gbé e sínú fáìlì. Ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ pọ̀: ínfọ́ìsì àkọ́kọ́, kírẹ́díìtì nóòtì, ínfọ́ìsì tuntun. Kírẹ́díìtì nóòtì gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦1,140,000 fún ọjà àti ₦90,000 fún fáàtì, ní ìbámu pẹ̀lú àṣìṣe náà gan-an. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ ní ₦85,500 torí wọ́n rò pé iye tó tọ́ ni kó máa wà lórí gbogbo ìwé, ₦4,500 á wá ṣẹ́ kù sílẹ̀ níbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ ibi tó ti wá. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ka iye ẹyọ pláíwúùdù kan lórí èyí tuntun. Ọjà lè ti gbówó lórí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, akọ̀wé tó ń tẹ ìwé tuntun á sì mú iye òní látinú ẹ̀rọ rẹ̀, tàbí kó gbàgbé ẹ̀dínwó. Ìdí tí mo fi kọ "iye ọjà àti ẹ̀dínwó kan náà" sínú iṣẹ́ yẹn nìyẹn. Ẹ wò ó bóyá orúkọ àti àdírẹ́sì wọn, nọ́ńbà owó-orí wọn, orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín, ọjọ́ tí wọ́n tajà, iye fáàtì àti ìdá rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí fáàtì bá fi kọ́bọ̀ mélòó kan yàtọ̀ sí ìṣirò yín, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣírò ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọjọ́ 21, kò ní yí padà nítorí ìwé ẹlòmíràn. Ẹ fi fọ́ọ̀mù yín ránṣẹ́ lásìkò. Bí ìwé tó tọ́ bá ti dé, ẹ fi ₦85,500 yọ nínú fáàtì tí ẹ gbà lọ́wọ́ àwọn tó ra àga àti tábìlì lọ́dọ̀ yín. Bí kò bá tíì dé, ọ̀nà méjì ló wà, mo sì mọ èyí tí mo fẹ́ràn. Àwọn kan máa ń fi ₦90,000 yọ torí pé ohun tó wà lórí ìwé nìyẹn. Èmi kì í ṣe é. Ẹ ti mọ̀ pé kò tọ́, ẹ tún ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn pé kò tọ́. Bí àjọ bá gbé ìwé wò, ₦4,500 yẹn máa padà sórí yín pẹ̀lú ìtanràn àti èlé. Ẹ fi ₦85,500 yọ, kí ẹ lẹ ìṣirò yín àti iṣẹ́ tí ẹ rán mọ́ ínfọ́ìsì àkọ́kọ́. Nígbà tí ìwé tuntun bá dé lóṣù tó tẹ̀ lé e, kò ní sí ohun tí ẹ máa tún ṣe nínú fọ́ọ̀mù, ẹ kàn máa fi lé àwọn tó kù ni. Ẹ má tún un yọ lẹ́ẹ̀kejì o, nítorí ọjọ́ tuntun tó wà lórí rẹ̀ lè tan yín jẹ.

Ibì kan ṣoṣo ni màá ti ní kí ẹ má yọ nǹkan kan rárá: bí kò bá sí nọ́ńbà owó-orí ẹni tó tà á lórí ìwé náà. Ẹni tó ń gba fáàtì láì forúkọ sílẹ̀ kò ní ibi tó ń san án sí, ìjọba ò sì ní dá owó tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ padà fún yín. Ẹ bèèrè nọ́ńbà náà kí ẹ tó bá wọn jiyàn lórí ₦4,500, torí bí kò bá sí, odindi fáàtì náà ló wà nínú ewu.

Tẹ́lẹ̀, kìkì fáàtì orí ọjà tí a fẹ́ tún tà tàbí ohun tí a fi ń ṣe ọjà, bí pláíwúùdù yín yìí, la lè gbà padà. Láti oṣù Kìn-ín-ní 2026 tí òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀, ti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún wa àti ti ẹ̀rọ tí a rà náà ti wọ̀ ọ́, bí a bá ń lò wọ́n fún ọjà tó ní fáàtì. Ínfọ́ìsì ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìlapákó yín ṣe náà ti wá di ohun tí ẹ máa fi 7.5 pín wò báyìí, kí ẹ tó sanwó rẹ̀.